Ìlà dúdú lára fọ́tò ìgbéyàwó: ẹ̀bi ta ni?

Akínfọ́tò Lúgbè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ya fọ́tò ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn kan ní Gwarínpà ní Sátidé. Dẹkọ́rétọ̀ tan iná aláwọ̀ sára ògiri. Ìlà dúdú dábùú fọ́tò, ojú ìyàwó sì di elésè àlùkò. Màmá ìyàwó ní òun ò san báláǹsì. Ṣé ẹ̀bi mi ni àbí ti dẹkọ́rétọ̀?

Ìyá Ìbejì Kúbúwà: Tìẹ ni, àbúrò. O ò lo fláàṣì. Tí o bá kọ ojú rẹ̀ sí àjà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á bo ti ògiri mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tán.

Bàbá Onífọ́tò Wùsé: Ẹ ṣeun, màmá, àmọ́ àjà wo? Ní Sátidé, aṣọ ni wọ́n fi ń bo àjà gbọ̀ngàn Àbújá. Tí aṣọ bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó bọ̀ lára rẹ̀ á pọ́n lójú ìyàwó. Àǹbúrẹ́là funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yẹ kó gbé fláàṣì sí. Akínfọ́tò, ṣé kámẹ́rà rẹ dún nígbà tí o ń yà á, àbí ó wà ní Silent?

Akínfọ́tò Lúgbè: Silent ni, sà. Pásítọ̀ ní ká má pariwo ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, mo gbàgbé láti yí i padà.

Bàbá Onífọ́tò Wùsé: Ibẹ̀ ni ìlà ti wá. Iná aláwọ̀ yẹn ń kú, ó ń jí, ojú wa ni kò rí i. Ní Silent, kámẹ́rà ń ka àwòrán díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá tó bá kà nígbà tí iná kú á dúdú. Mú un kúrò níbẹ̀, kí o fi ṣọ́tà sí 1/100. Iná ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀, 50 Hz ni, ọ̀pọ̀ gílóòbù tó ń lò ó á sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìlà bá kù, lọ sí 1/50. Àmọ́ iná tí dẹkọ́rétọ̀ bá fi rìmóòtù dín kù, bí ó ṣe ń ṣẹ́jú yàtọ̀; 1/100 lè má ràn án. Yà á wò kí ìyàwó tó wọlé, kí o fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà. Ara ògiri funfun ni ìlà ti ń kọ́kọ́ hàn.

Túndé Ńyányà: 1/50 kẹ̀? Àwọn tó ń jó á kàn di èéfín ni!

Bàbá Onífọ́tò Wùsé: Bẹ́ẹ̀ ni. Fún ijó, fláàṣì ni kó gbà á; ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yára, á sì dá ara wọn dúró.

Ṣadé Ọ́ṣà: Ẹ bá mi sọ ti báláǹsì náà. Láti aago mẹ́sàn-án la ti ń gba àlejò, wọn ò tíì san fún wa títí di òní!

Dẹkọ́rétọ̀ Kàrú: Ẹ má dá wa lẹ́bi o. Màmá ìyàwó ló máa ń yan àwọ̀. Tí fọtógíráfà bá bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀, màá sọ iná tó kọjú sí àga ìyàwó di funfun. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ mi.

Akínfọ́tò Lúgbè: Àwọn tí mo ti yà ńkọ́, sà?

Bàbá Onífọ́tò Wùsé: Pupa àti búlúù nìkan ló wà nínú iná yẹn, kò sí gíríìnì tí a ó fi dá àwọ̀ ara padà. Sọ èyí tó burú jù di dúdú àti funfun, kí o fi han màmá ná. Ti báláǹsì, gbà kó yọ díẹ̀ níbẹ̀.

Dẹkọ́rétọ̀ Kàrú: Kí ló dé tó fi máa yọ? Òun ló yan àwọ̀!