Kì í ṣe gbogbo líǹkì ni Obsidian máa ń bá ọ tún ṣe

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Obsidian kọ nóòtì ló gbà pé kò séwu nínú yíyí orúkọ padà, pé áàpù náà á tún gbogbo líǹkì ṣe fúnra rẹ̀. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Bí o bá yí orúkọ fáìlì padà nínú áàpù, tí o sì ti tan "Automatically update internal links", líǹkì á tẹ̀lé orúkọ tuntun. Bó bá jẹ́ inú fódà kọ̀ǹpútà lo ti yí i, tàbí pẹ̀lú `git mv`, kò ní tẹ̀lé e. Ìyẹn rọrùn láti rí: líǹkì á ṣá, bí o bá sì tẹ̀ ẹ́, nóòtì òfìfo ló máa ṣí.

Ọ̀dọ̀ àkọlé inú nóòtì ni wàhálà gan-an wà. Ká ní àkọlé yìí wà nínú `Isuna.md`, tí nóòtì mìíràn sì ń tọ́ka sí i báyìí:

```
## Owó oṣù
[[Isuna#Owó oṣù]]
```

Bí o bá pa "Owó oṣù" rẹ́, tí o kọ "Ìnáwó ilé" sípò rẹ̀, bí líǹkì ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe máa wà. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá kò ní yàtọ̀, torí fáìlì ṣì wà níbẹ̀. O tẹ̀ ẹ́, nóòtì ṣí, àmọ́ òkè pátápátá ló gbé ọ sí. Bí nóòtì náà bá kúrú, o ò ní fura rárá. Ohun tó yẹ ni pé kí o fi ọ̀tún máòsì tẹ àkọlé náà, kí o yan "Rename this heading...", kí o wá kọ tuntun síbẹ̀.

Èyí tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ṣí tẹ́míná nínú fódà nóòtì rẹ, kí o wá a jáde:

```
grep -rnF --include='*.md' '#Owó oṣù' .
```

Mo yọ `[[Isuna` kúrò níwájú rẹ̀ torí pé líǹkì tó wà nínú nóòtì kan náà máa ń jẹ́ `[[#Owó oṣù]]`. Àkọlé fúnra rẹ̀ kò ní jáde, nítorí àlàfo wà lẹ́yìn `##`. Líǹkì tí a kọ bíi ti Markdown a máa fi `%20` dípò àlàfo, nítorí náà tún wá `#Owó%20oṣù`. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o tún wọn ṣe. Bí o bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, `#Owó oṣù kejì` tí kò ṣẹ̀ á bá a lọ.

Àwa tó ń fi àmì sórí Yorùbá wa tún ní tiwa. "ṣ" lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ "s" tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, bí kíbọ́ọ̀dù bá ṣe kọ ọ́. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú `grep`. Nítorí náà, inú líǹkì gan-an ni kí o ti ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ wá, má tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Bí kò bá sì mú nǹkan kan jáde, má tíì gbà pé ó ti tán. Wá `Isuna#`, `Isuna.md#`, `[[#` àti `](#`, tí kò ní lẹ́tà alámì kankan, kí o ka ìlà tó bá jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.