Kí ni kí ìyá oníkẹ́míìsì fi "schema migration" ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Áàpù títa ọjà ni iléeṣẹ́ wa ń ṣe, àwọn oníkẹ́míìsì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ inú agolo ní Akurẹ́ àti Oǹdó ló sì ń lò ó jù. Tí ẹ̀dà tuntun bá fẹ́ jáde, àwọn ọmọ tó kọ áàpù náà á kọ ohun tó yí padà ránṣẹ́ sí mi, èmi á sì tún un kọ fún àwọn oníbàárà. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn ní mo ti ń sọ̀rọ̀ jù, pé ohun tí òun kọ ti tó, kí n kàn gbé e síta bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

```
v3.4.0
- Local DB schema migration
- Bumped minSdkVersion to 24
- Old auth endpoint removed
- Fixed rounding bug in discount calc
```

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá oníkẹ́míìsì kan ní Ìsìnkàn. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á títí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fẹ́ fi kún owó ni?"

Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọmọ yẹn kọ o. Iṣẹ́ tó ṣe ló kà sílẹ̀. Ìyá yìí ò sì bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe.

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́, tó ń sọ pé wọ́n tún ètò àkọsílẹ̀ orí fóònù tò. Mo bi ọmọ náà pé ọjà tí wọ́n ti tà, tó ṣì wà lórí fóònù tí kò tíì lọ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo wọn, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní áàpù máa pa gbogbo àkọsílẹ̀ orí fóònù rẹ́, á wá tún fa tuntun wá láti sáfà. Háà! Ẹni tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ látàárọ̀, gbogbo ohun tó tà lọ́jọ́ náà ti wọgbó nìyẹn. Èyí gan-an ló yẹ kó ṣáájú, ohun tí mo sì kọ nìyí: "Kí ẹ tó gba ẹ̀dà tuntun, ẹ tan dátà, ẹ ṣí áàpù, kí ẹ dúró títí Pending yóò fi di 0. Ọjà tí kò bá tíì lọ sókè yóò parẹ́." Mo sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù ṣáájú, torí fóònù ẹlòmíì ń gba ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀ lóru. Ìgbà tí yóò fi kà á lórí áàpù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìlà kejì àti ìkẹta ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. 24 yẹn túmọ̀ sí Áńdíróìdì 7. Fóònù tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, Play Store ò ní fún un ní ẹ̀dà tuntun rárá, ti àtijọ́ ni yóò máa lò lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ti ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ pa ní sáfà, ó parí, kò ní lè wọlé mọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni kò ní rí ohunkóhun tí a bá kọ sábẹ́ ẹ̀dà tuntun! Àfi kí a tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wọn, kí a dárúkọ ọjọ́ tí a máa tì í, kí a sì sọ ibi tí wọ́n ti máa wò ó: Settings, About phone, Android version. Èyí tó bá kéré sí 7, kí wọ́n tètè wá fóònù míì. Wọ́n ní àwọn oníbàárà kì í kàwé. Ó dáa, ẹ kọ èyí tó ṣeé kà ná.

Ìlà tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọjà mẹ́ta, ₦350 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún: ₦332.50 ni ọ̀kan. Ẹ̀dà àtijọ́ ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ₦333 kó tó rò wọ́n pọ̀, ó wá di ₦999. Ká ní ó rò wọ́n pọ̀ ná ni, ₦997.50 ni, ìyẹn ₦998. Náírà kan péré. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé rìsíìtì àtijọ́ tó ní ẹ̀dínwó lè fi náírà díẹ̀ lé, pé a ò ní yí wọn padà, pé ti tuntun ló máa pé. Ọ̀gá wa ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé ṣe ni màá kó àwọn oníbàárà láyà jẹ nítorí náírà kan.

Mo ti yọ ọ́, mo tún dá a padà. Ìyá Ìsìnkàn yẹn máa ń ṣírò owó rẹ̀ lálaalẹ́. Bó bá rí i pé ọjà kan náà ń mú iye míì wá, èmi ló máa pè. Bí mo bá sì kọ ọ́, ta ló mọ iye àwọn oníbàárà tirẹ̀ tó máa wá bá a fún náírà wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?