Ẹni tó tibi iṣẹ́ dé ò bèèrè ìtàn, ibi tọ́rọ̀ dé ló ń bèèrè

Tẹ́ ẹ bá wà nínú gúrúùpù ẹbí lórí Wọ́sáàpù, ẹ ó ti rí i rí: ẹnì kan tí iṣẹ́ gbé lọ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò padà dé, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ dé?" Ẹnì kan yóò sì dá a lóhùn pé, "Ẹ yí i sókè, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀." Èsì yẹn máa ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èmi fúnra mi fún ẹnì kan ní èsì tó burú ju ìyẹn lọ, torí tèmi mú owó dání.

Màámá wa àgbà fẹ́ pé ẹni 80 ọdún, gbogbo ẹbí sì ń múra ayẹyẹ. Àwa 43 la wà nínú gúrúùpù náà. Láti Mọ́ńdè ọjọ́ 1 oṣù yẹn títí di Sọ́ńdè ọjọ́ 7, ọ̀rọ̀ 612 ló wọlé, fóìsì nóòtì 19 sì wà nínú rẹ̀. Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò ìyá mi, ò rí ìkankan kà nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wákàtí 12 ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ náà. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n kọ̀wé sí mi lẹ́yìn gúrúùpù: "Ọmọ mi, ojú mi ò gbà á mọ́. Bá mi sọ ọ́ ní ṣókí."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè, mo ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: wọ́n sọ báyìí, lẹ́yìn náà wọ́n sọ tọ̀hún. Nígbà tí mo dé Tọ́sìdeè, ó ti rẹ ojú mi, mo wá ń sáré kọjá. Mo kọ ọ́ sí wọn pé aṣọ ẹbí jẹ́ ₦35,000 fún ẹnì kan. Wọ́n san owó ènìyàn mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ náà, ₦140,000. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì tó ń gba owó ní ó ku ₦12,000. Aláṣọ ti fi ₦3,000 lé e lọ́jọ́ Fúráìdè. Ìyá Ìbejì sì ti kéde rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán aṣọ náà, láàárín àmín mẹ́fà àti sítíkà kan tó ń jó, wọ́n kọ ọ́ pé, "38 ni o."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kéde nǹkan, gbogbo àlàyé ló máa ń bá a wá: orúkọ aṣọ, iye ọ̀pá, owó, ọjọ́. Tí nǹkan náà bá wá yí padà, àtúnṣe rẹ̀ kì í gùn. Ẹni tó ń ṣe é gbà pé gbogbo wa ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì ní dárúkọ ohun tó ń sọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ wá láti òkè, ohun tó ti kú ni yóò hàn sí i jù.

Nígbà tí mo padà tún un ṣe, ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ayẹyẹ, gbọ̀ngàn, aṣọ, owó dídá, mo sì wá ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn nípa rẹ̀. Mo wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí mo fi rí ibi tí ohun tó kẹ́yìn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá fa ọ̀rọ̀ àná yọ kó tó fèsì, mo máa ń tẹ èyí tó fà yọ náà kó gbé mi lọ síbi tó ti wá, torí "bẹ́ẹ̀ ni" lásán kò ní ìtumọ̀ láìjẹ́ pé a mọ ohun tó ń dáhùn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibi ìwákiri nìkan. Nínú gúrúùpù wa, aṣọ ẹbí nìkan ní àkọsílẹ̀ mẹ́rin: aso ebi, asoebi, aso-ebi, ashoebi. Owó ₦50,000 lè jẹ́ 50k, 50,000 tàbí fífítì. Ẹni tí ẹ ń bá kó ọ̀rọ̀ jọ pàápàá lórúkọ tó pọ̀. Dádì Ìlọrin, tí í ṣe àkọ́bí Màámá, Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pe Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi ń pè wọ́n ní "àbúrò mi." Àwa ọmọ la ń pè wọ́n ní Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù. Àmì @ tó ń fi han ènìyàn pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ ò mọ ìkankan nínú wọn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi Mọ́mì lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó ní @ lára.

Àwọn fóìsì nóòtì ló gba àkókò mi jù, mi ò sì rí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ tẹ̀wé, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ló sì máa ń sọ àbá di ìpinnu. Ní Tọ́sìdeè, Dádì Ìlọrin sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n kí gbogbo wa, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n rántí bí Màámá ṣe ń ta ẹ̀kọ láti fi rán wọn níléèwé. Ìṣẹ́jú kẹta ti kọjá kí wọ́n tó sọ pé ẹlòmíràn ti gba gbọ̀ngàn ní Sátidé ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, nítorí náà ọjọ́ 22 la ó ṣe é. Ẹni tó bá tẹ́tí sí ìṣẹ́jú kan tó sì fò ó, ọjọ́ 15 ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí.

Inú ohùn yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kí owó aṣọ pé "kó tó di ìtàdógún òní." Èyí ṣe pàtàkì. Àwọn ọ̀dọ́ inú gúrúùpù ka ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé ọjọ́ 18 ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àgbà, ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ 17, òní sì wà nínú rẹ̀. Tá a bá ka ọjọ́ 4 mọ́ ọn, ọjọ́ 20 ló bọ́ sí. Mo pe Dádì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ 20. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kọ "ọ̀la," "ìjẹta" tàbí "Sátidé tó ń bọ̀" sínú ohun tí mo bá ń kó jọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ ni yóò kà á.

Èyí tó wá le jù ni owó dídá. Wọ́n dá a lábàá pé kí ọmọ Màámá kọ̀ọ̀kan mú ₦150,000 wá. Ẹnì kan ní kí àwọn tó wà lókè òkun mú ìlọ́po méjì wá, ariwo sì sọ. Nínú àwa 43, àwọn 11 ló sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn méje fi àmì àtàǹpàkò sí i, àwọn tó kù dákẹ́. Mo rí àwọn tí wọ́n máa ń ka irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ bí ìbò, tí wọ́n á ní "ẹbí ti fẹnu kò." Rárá o. Nínú ilé wa, àtàǹpàkò lè túmọ̀ sí "mo ti rí i," ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì lè túmọ̀ sí pé inú ń bí ènìyàn. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé wọn ò tíì parí ẹ̀, bí mo sì ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ líle kan tún wà tí ẹnì kan kọ nípa àwọn ará òkè òkun, tó sì pa á rẹ́. Mo ti kà á kó tó di "This message was deleted." Mo rò ó dáadáa, mi ò sì gbé e lọ fún Mọ́mì. Ẹni tó sọ ọ́ ti kó o kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè tìtorí ìyẹn fi ọ̀rọ̀ owó náà pa mọ́, torí àwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wọn. Mo sọ àbá náà, mi ò sọ èébú.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú àìsùn, Mà. Ẹ má bínú fún ti àkọ́kọ́, mo ṣì yín lọ́nà. Ohun méjì ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ yín: Mọ́mì Akúrẹ́ ń bèèrè bóyá ẹ ó ti dé kó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, kí wọ́n lè tọ́jú yàrá, ìyá mi ní ṣé ẹ ó bá Màámá ra bàtà, nọ́ńbà 6 ti ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó ti dájú: Sátidé ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá la ó ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ 15 mọ́; aṣọ jẹ́ ₦38,000, ó ku ₦12,000 lọ́dọ̀ yín, ó sì gbọ́dọ̀ pé kó tó di ọjọ́ 20 oṣù yìí. Èyí tí wọn ò tíì parí: owó dídá. Àbá ₦150,000 wà nílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Màámá, ẹnì kan sì ní kí ti ará òkè òkun jẹ́ ìlọ́po méjì. Dádì Ìlọrin ò tíì dá sí i. Fóìsì nóòtì kan ti Túsìdeè ò ṣí lórí fóònù mi, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ti darí ohùn Dádì síbí, láti ìṣẹ́jú kẹta ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ."

Mi ò kọ nọ́ńbà àkáǹtì sínú rẹ̀. Odo kan ṣoṣo tí mo bá ṣì tẹ̀, owó ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni kí wọ́n ti gbà á, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó san.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fi apá "èyí tó ti dájú" han Ìyá Ìbejì nìkan, torí àwọn ni owó wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò gbé e sínú gúrúùpù. Tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí gbangba, àwọn tó ń jà lórí owó dídá á ní èmi ọmọdé ló ń ṣèdájọ́, a ó sì tún ní 200 ọ̀rọ̀ mìíràn láti kà.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Mọ́mì fi dáhùn. Ọjọ́ 18 ni wọ́n ó balẹ̀ sí Èkó, wọ́n ó ra bàtà, ₦12,000 sì ti lọ. Lórí owó dídá, èmi kọ́ ni wọ́n dá lóhùn. Wọ́n pe Dádì Ìlọrin lórí fóònù, àwọn méjèèjì nìkan.