"Ojú ẹ dáa" tí wọ́n máa ń sọ yẹn

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ yìí kí n tó sùn o. Láàárọ̀ yìí lẹ́nìkan fi fọ́tò sórí Wọ́sáàpù àdúgbò wa, àwọn kan wá ṣe àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́, wọ́n to èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n ka lẹ́tà ara ògiri, ẹni tí ò rí i kà gba gíláàsì, ẹni tó kà á dé ìsàlẹ̀ wọ́n ní "ojú ẹ dáa, máa lọ, tó bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu kó o padà wá". Gbogbo èèyàn ń ṣàdúrà fún wọn. Èmi ò lè ṣe àmín, torí ohun tí wọ́n sọ fún bọ̀ọ̀dá mi gan-an nìyẹn.

Awakọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi, ọdún 47 ni. Nọ́ńbà mọ́tò tó wà lókèèrè, á kà á fún ẹ láìwọ gíláàsì. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ìyàwó ẹ̀ rò pé ó ti ń yọ́ ọtí mu ni. Ìgbà tó yá ọlọ́kadà kan yọ lápá ọ̀tún, díẹ̀ ló kù kó gbá a, ó ní òun ò rí i rárá, gbogbo wa wá ń bú ọlọ́kadà.

Gilokóómà ni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran bọ̀, àárín ló máa ń fi kẹ́yìn, kì í sì í sábà dunni. Ìdí tó fi ń ka lẹ́tà ara ògiri geere nìyẹn, àárín ojú la fi ń kàwé. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú ẹ̀, ti ọ̀tún jẹ́ 31, ti òsì 26, bẹ́ẹ̀ 10 sí 21 ló sábà máa ń wà. Wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, wọ́n yẹ iṣan ẹ̀yìn ojú wò, wọ́n wá ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tó dà bí abọ́ funfun, kó máa wo àárín, kó máa tẹ bọ́tìnì tíná kékeré bá ti tàn. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, bọ̀ọ̀dá mi ò tẹ nǹkan kan, ó pẹ́ díẹ̀ ló bá béèrè pé "Ṣé ó ti parí ni?" Kò tíì parí o.

Èyí tó ti lọ ò lè padà. Oògùn tó ń kán lálaalẹ́, kí ìyókù má baà lọ ni.

Dókítà wá kọjú sí mi, "Ìyá kan náà, bàbá kan náà? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Mo ní 38. Ó ní ètò tí àwọn dókítà ojú Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kó ṣe àyẹ̀wò gidi ní ogójì ọdún, kó máa ṣe é ní ọdún 2 sí 4 síra títí dé 54, tó bá ti pé 65 kó di ọdún kan tàbí 2. Àwa aláwọ̀ dúdú, gilokóómà máa ń tètè bá wa, kò yẹ ká jẹ́ kó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí ọmọ ìyá mi ti ní in, ó ní kí n má dúró de ogójì, kí n máa wá lọ́dọọdún.

Mo ní ìyá wa ń kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ó ní kí n mú wọn wá lọ́sẹ̀ yẹn, torí irú tó ń mú àgbàlagbà lè ti wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀, ṣúgà á ti máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín ẹ̀yìn ojú jẹ́, kò sì ní dùn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún.

Ìfúnpá inú ojú tèmi jẹ́ 19. Inú mi dùn, ó ní kí n rọra, awọ iwájú ojú mi fẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn kéré ju bó ṣe wà lọ. Kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ó ti pé oṣù 14, mi ò tíì lọ, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló kó sí i lárin. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ò tiẹ̀ lọ rí, ó ní àwọn dókítà kàn fẹ́ fi wá jẹun ni. Mo tún wo fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ṣá, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó di gíláàsì ẹ̀ mú tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n máa bínú sí wọn tó báyìí.

Bàbá wa náà, kí wọ́n tó kú, ògiri ni wọ́n máa ń fọwọ́ tọ̀ lọ sílé ìwẹ̀. A ní ogbó ni. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.