Ọ̀sẹ̀ oníṣíìfù mẹ́rin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú rótà

Lọ́dún kejì ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mi nílùú ọba níbí, mo lẹ kálẹ́ńdà mọ́ ara fíríìjì, mo sì fi kálà mẹ́ta kùn ún: búlúù fún yunifásítì, pupa fún wọ́ọ̀dù, àwọ̀ ewé fún ilé. Ó dùn ún wò. Oṣù kan péré ló lò kó tó dojú rú, torí pé ọjọ́ ni mò ń kà, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n ń bi wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá máa gba ìwé nọ́ọ̀sì níbí gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 2,300 lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá pa jẹ, ẹ máa san án padà. Tí pléésímẹ́ǹtì, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, bá ti bẹ̀rẹ̀, wákàtí 37.5 ni wọ́n ń retí lọ́sẹ̀. Àmọ́ ní wọ́ọ̀dù wa, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la ń wọlé, aago mẹ́jọ alẹ́ la ń jáde, a sì máa ń yọ wákàtí kan fún ìsinmi, ó wá ku 11.5. Ṣíìfù mẹ́ta jẹ́ 34.5, kò pé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 150 ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ṣíìfù méjìlá á fún yín ní 138. Ẹ̀ẹ̀kẹtàlá dandan ni. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kan máa wà tẹ́ ẹ máa ṣe ṣíìfù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Inú rótà, ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ kálukú sí, lẹ ti máa bá a.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dá mi dùbúlẹ̀. Asáìnmẹ́ǹtì mi, ọ̀rọ̀ 3,000, fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti gba ṣíìfù báǹkì kan ní Sátidé (ẹ̀yin ará ilé, báǹkì yìí kì í ṣe ti owó o, iṣẹ́ kíà téèyàn ń gbà ní ọsibítù nígbà tó bá wù ú ni). Ṣíìfù mẹ́rin jẹ́ 46, báǹkì sọ ọ́ di 57.5. Ní alẹ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lẹ́yìn tí èébì bá dúró, ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí 48 kó tó padà sílé ìwé. Bàbá àwọn ọmọ ń wa bọ́ọ̀sì lóru, ó gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án. Mo pa ṣíìfù méjì jẹ. Wákàtí 23 nìyẹn, ìgbà ọlidé ẹ̀ẹ̀rùn ni mo tó san án tán. Asáìnmẹ́ǹtì wọlé, àmọ́ bó ṣe rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ n rí i mọ́.

Nísinsìnyí, bí rótà bá ti jáde, kálà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mo ń kọ 3 tàbí 4 sórí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ oníṣíìfù 4, kò sí báǹkì, kò sí àlejò, ọbẹ̀ inú fírísà la ó máa jẹ. Báǹkì tí mo bá fẹ́ gbà, ọ̀sẹ̀ tí a wà ní kíláàsì ni mo ń fi sí. Tí ọ̀sẹ̀ oníṣíìfù 4 bá bọ́ sọ́dọ̀ ọjọ́ asáìnmẹ́ǹtì, mo máa ń kọ lẹ́tà sí mánéjà wọ́ọ̀dù kí pléésímẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n bá mi gbé ṣíìfù kẹtàlá sí ọ̀sẹ̀ kìíní. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni kí n máa tẹ̀ lé, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Nígbà náà, asáìnmẹ́ǹtì ló máa yẹ̀: mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí n tó wọ wọ́ọ̀dù rárá. Èmi ò gbà pé èèyàn lè kọ ohun tó nítumọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó fi wákàtí méjìlá dúró. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mo sùn lé kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà j kún ojú ìwé kan ààbọ̀.

Ti ṣíìfù òru tún yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, rótà á kọ ọ́ pé ẹ wà lóòfù. Irọ́ ni. Oorun ló ni ọjọ́ yẹn. Mo ń pa á rẹ́ pátápátá nínú kálẹ́ńdà, n kì í ṣèlérí ohunkóhun fún ọmọ lọ́jọ́ náà, títí kan ìpàdé òbí àti olùkọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó yín buwọ́ lu wákàtí yín lẹ́yìn ṣíìfù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ ọlidé kó tó buwọ́ lu tèmi rí.

Àgbà ọmọ mi ló ń kọ nọ́ńbà sórí kálẹ́ńdà báyìí. Lánàá ó dúró ti fíríìjì, ó ní, "Mọ́mì, mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ṣé kí n sọ fún Dádì kó ra búrẹ́dì méjì?"