Oògùn inú kọ́ ni yóò sọ bóyá ọkàn ni

"Bí àyà bá ń ta ẹ lẹ́yìn oúnjẹ, mu oògùn inú. Tó bá ti rọlẹ̀, kì í ṣe ọkàn nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn lè pa èèyàn. Ìrora ọkàn lè lọ fúnra rẹ̀ téèyàn bá sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó wá dà bíi pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Ohun tó ń fà á ni kẹ́ ẹ wò.

Ká ní ìyá kan jẹ láfún yó l'Ábẹ́òkúta, ó wá ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ. Àyà rẹ̀ ń ta á. Ó dúró, ó rọlẹ̀. Ó tún gùn ún, ó tún dé. Ọkàn ni kẹ́ ẹ fura sí níbẹ̀, torí oúnjẹ tó ń dà nínú àti òkè tó ń gùn jọ ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ọkàn. Ti inú sábà máa ń le sí i téèyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bẹ̀rẹ̀, omi kíkan á sì gòkè wá sí ọ̀fun.

Bí àyà bá ń fún mọ́ni, tí òógùn tútù bò ó, tàbí tí ìrora ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Lára obìnrin àti alátọ̀gbẹ, ó lè má ju èémí tó ń há, àárẹ̀ àti èébì lọ.