Èmi ni wọ́n ní kí n gbàdúrà ìparí

"Ohun tó bá jẹ́ tẹni kò ní kọjá ẹni." Ẹni kẹtàdínlógún tó sọ ọ́ fún mi ni ìyá tí mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tákíè láàárọ̀ yìí. Mò ń kà wọ́n. Ó ṣe mí bíi kí n dá a lóhùn pé ó ti kọjá mi, mà, ojú mi báyìí ló ṣe kọjá, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, aago méjì ọ̀sán lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni. Mo ní "Àmín, mà," mo gba ṣénjì mi, mo bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀ níbí. Oṣù ò ì tíì parí.

Ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Èmi ni mò ń to táímùtébù gbogbo kíláàsì, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò sí wà, èmi ni àwọn òbí máa ń wá bá bí ọmọ wọn bá fìdí rẹmi. Nígbà tí igbákejì ọ̀gá àgbà fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Ìlọrin, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Igbákejì wa". Èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí kí n tó máa bú ẹnikẹ́ni.

Orúkọ igbákejì tuntun tí ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ kà jáde lọ́jọ́ náà, orúkọ ọmọkùnrin tó dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́ tí wọn ò fi ní dá a padà. Bírò pupa tó kọ́kọ́ fi máàkì iṣẹ́ ọmọ, tèmi ni, kò sì dá a padà títí dòní. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ẹ bá wa gbàdúrà ìparí, mà."

Mo gbà á o. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n Sólómọ́nì. Bí mo ṣe ń gbà á lọ, mo lajú díẹ̀, mo rí i pé tádàwà máákà ti dú gbogbo àtàǹpàkò mi, torí mo ti ṣí ìdérí máákà lọ́wọ́ láìmọ̀, mo sì ń tẹ imú rẹ̀ mọ́ ara. Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà lè wó òrùlé. Mo gun ọ̀kadà lẹ́nu géètì, ó gbé mi kọjá ìkóríta ilé mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó bi mí pé, "Mọ́mì, ibo gan-an lẹ ní?" ni mo mọ̀ pé a ti fẹ́ẹ̀ dé Ṣábó.

Ìlú tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni mo ń gbé, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu bí ẹni tó dé kẹ́yìn bá kọ́kọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí rèé. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èèyàn mẹ́jọ ni mo rò ó fún. Mo rò ó fún bàbá àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó fún ọ̀rẹ́ mi ní Ọjà Jagun, ó pariwo débi pé àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ dá sí i, wọ́n bá mi ṣépè. Gbogbo wa la gbà pé bí èèyàn bá tú u jáde, ara á fúyẹ́. Irọ́ ni. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo sunkún. Ní ìgbà kẹta, inú ń bí mi. Nígbà tó fi máa di ìgbà keje, mo ti mọ ibi tí mo ti máa dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè kígbe, mo tiẹ̀ ń sín ohùn ìyá jẹ. Lóru ọjọ́ Àìkú náà, aago méjì kọjá, mo jókòó sí etí ibùsùn, àyà mi ń lù kì kì kì, mò ń bá ìyá jà nínú orí mi, èmi ni mo sì ń borí.

Àbúrò ọkọ mi ló tú àṣírí mi. Akọ̀wé ni mò ń pè é, ẹ mọ̀ pé àwa ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ló kọ́ ní yunifásítì. Ó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun ni ẹni kẹjọ. Bí mo ṣe parí, kò ṣe háà. Ó ní, "Ìyàwó wa, àpọ̀jẹ lẹ̀ ń jẹ yìí o."

Inú bí mi. Mo ní ṣé ewúrẹ́ ni mí ni? Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ máa ń pọ ohun tó ti gbé mì jáde, á tún un jẹ, koríko kan náà ni. Ó wá sọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Brad Bushman, tó dán nǹkan wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ, ó wá jẹ́ kí wọ́n rò pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ló bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé kò wúlò rárá. Nígbà tí orí wọn gbóná dáadáa, ó fún àwọn kan ní àpò tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ ń lù, ó ní kí wọ́n máa ro ẹni tó bú wọn bí wọ́n ṣe ń lù ú. Àwọn mìíràn lù ú, wọ́n ń ro ara líle tiwọn. Àwọn kan kàn jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tó lù ú tí wọ́n ń ro ọ̀tá wọn ni inú bí jù nígbẹ̀yìn, àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọn ò gbẹ̀san tó àwọn yòókù. Akọ̀wé ní bí òun ṣe rí ìtàn tí mò ń rò káàkiri nìyẹn. Àpò ni ìyá jẹ́, ẹni tó bá wá kí mi ló ń bá mi dì í mú kí n lè lù ú.

Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe, ṣé kí n gbé e mì ni? Ó ní kí n kọ ọ́. Ó tún dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn, James Pennebaker, tó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó dùn wọ́n jù láyé, ìṣẹ́jú 15 lálẹ́, alẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ọdún 1986 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Inú àwọn èèyàn náà bà jẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn mọ́. Ó ní kí n má ṣe fi han ẹnikẹ́ni, kí n má wo sípẹ́lì, kí n má gbé bírò sókè títí ìṣẹ́jú náà á fi pé.

Mo lo ìwé eléwé ogójì tọ́mọ mi kò tíì kọ nǹkan sí. Ọjọ́ Ajé, "wọ́n" ló kún inú rẹ̀: wọ́n ṣe mí, wọ́n rẹ́ mi jẹ, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Orí fọ́ mi lálẹ́ náà, mo fẹ́ já a dànù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé náà ni. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni ọwọ́ mi kọ ohun kan tí mi ò tíì sọ fún èèyàn mẹ́jọ yẹn rí: pé kì í ṣe owó ló dùn mí jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ₦15,000 lóṣù kì í ṣe ẹ̀kọ tútù, pé ohun tó dùn mí ni pé mi ò mọ̀ pé eré ìje wà ńlẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo rí "nítorí" mẹ́fà lójú ewé kan ṣoṣo. Akọ̀wé ní ohun tí Pennebaker padà rí nìyẹn, pé àwọn tó jàǹfààní jù ni àwọn tí "nítorí" àti "mo wá rí i pé" ń pọ̀ sí i lójú ìwé wọn láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹrin. Bí èèyàn bá sọ ìtàn náà nígbà kẹwàá tí kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan nínú rẹ̀, àpọ̀jẹ ni.

Àwọn tó ti ń tẹ "ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀" sísàlẹ̀ yìí, ẹ ṣé, ẹ wá bá mi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ìwé náà kò mú ìbínú lọ o. Ó kàn jẹ́ kí n lè jókòó níwájú ìyá lánàá láìgbọ̀n. Ká ní ọjọ́ Ajé ìyẹn ni mo lọ, ẹjọ́ ni mi ò bá lọ rò. Mo ti pinnu pé mi ò ní dárúkọ ọmọkùnrin náà rárá. Mo ní, "Mà, kí lẹ fẹ́ rí lọ́wọ́ mi tí ẹ ò tíì rí?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá mú yín kúrò níwájú àwọn ọmọ Wáẹ́ẹ̀kì, ta ni mo fẹ́ fi síbẹ̀?" Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Àti pé ẹ ò bèèrè. Òun kọ lẹ́tà sí mi."

Lẹ́tà! Ó kọ lẹ́tà. Ọdún mọ́kànlá, mò ń dúró de kí wọ́n rí mi, torí báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi, pé ọmọlúàbí kì í na ọwọ́ sí àga. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá kan wá àwíjàre ni. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ tó ló so mí mọ́lẹ̀ yìí, ṣé kí n wá máa kọ́ ìṣirò bàìbàì ni?

Lọ́sàn-án òní, ọmọkùnrin náà wá bá mi nídìí tábìlì mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Mà, ẹ gbà mí." Ó ti to táímùtébù tuntun, ó fi kíláàsì méjì sínú yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì kan náà, ní wákàtí kan náà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mo rí ojútùú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ká kàn pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá ni. Mo ní kó fi síbẹ̀, mo máa wò ó.

Ó wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀la ni Ọjọ́rú.